Orúkọ Tí A Pa Rẹ́ Nínú Ìwé Àwọn Olùkọ́
Nígbà tí a dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà sílẹ̀ ní Èkó ní 1931, ẹgbẹ́ náà kò ní àṣẹ láti gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó hùwà àìtọ́. Òfin 31 ti ọdún 1993 ló dá Ìgbìmọ̀ Ìforúkọsílẹ̀ Àwọn Olùkọ́ sílẹ̀, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá níhìn-ín. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn kan olùkọ́, àwọn olùwádìí ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ìgbìmọ̀ ìbáwí yóò gbọ́ tẹnu rẹ̀. Wọ́n lè bá a wí, wọ́n sì lè pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n níbi tí agbanisíṣẹ́ kò bá ti wo ìwé náà, ilé-ìwé kejì ni ẹlẹ́ṣẹ̀ yóò gbà lọ.