Ìdábùú kékeré ọ̀pá tó ń tínrín lọ

Ìdábùú kékeré ni ìwọ̀n ìbú orí tó tínrín jù lára ọ̀pá irin roboto tó ń tínrín lọ. Àwọn oníṣẹ́ léètì máa ń ṣírò rẹ̀ kí wọ́n tó gé irin, nígbà tí àwòrán iṣẹ́ bá fún wọn ní ìdábùú ńlá (D), gígùn (L) àti ìpín ìtínrín (1:K) nìkan. Ìpín 1:20, tí wọ́n ń lò fún ihò àti ọ̀pá ẹ̀rọ kan, túmọ̀ sí pé ìdábùú ń dín mílímítà 1 nínú gígùn mílímítà 20. Ìlànà ìṣírò ìdábùú kékeré, d, ni:

d = D − L/K

Bí D bá jẹ́ mílímítà 40, tí L jẹ́ 100, tí ìpín sì jẹ́ 1:20, a ó pín 100 sí 20, yóò jẹ́ 5; nítorí náà d jẹ́ mílímítà 35.

Ìdábùú ni ìpín yìí ń wọ̀n, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ kan. Mílímítà 2.5 péré ni ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi wọlé. Ẹni tó bá yọ 5 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò bá 30 lórí kálípà. Gígùn apá tó ń tínrín nìkan ni L, kì í ṣe ti gbogbo ọ̀pá.