Èló ni firísà àti gílóòbù ń jẹ lóṣù? Bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó iná

Ẹni tó ń ta omi tútù tàbí ẹja dídì ní Ẹ̀gùá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa, ní láti mọ iye tí iná ń gbà kó tó lè mọ èrè tó kù. Ìṣirò náà kò le:

```
wáàtì × wákàtí lójúmọ́ × 30 ÷ 1000 = yúnìtì lóṣù
```

Yúnìtì yìí ni mítà ń kọ ní kWh. Tí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á fi owó yúnìtì kan sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á sì fi VAT, tó jẹ́ náírà 7.50 lórí ọgọ́rùn-ún náírà, kún un.

Ibi tí wáàtì wà

Ó wà lára pátákó kékeré tó wà lẹ́yìn firísà, pẹ̀lú lẹ́tà W. Tó bá jẹ́ A nìkan ni wọ́n kọ, kí wọ́n fi 220 sọ ọ́ di púpọ̀. 0.7A á sún mọ́ wáàtì 154.

Wákàtí mélòó?

Ibí ni ìṣirò ti máa ń dàrú. Níbi tí iná kì í ti í lọ, firísà tó dára máa ń ṣiṣẹ́, á sì sinmi. Àmọ́ níbi tí iná ti ń wá fún wákàtí 8 péré, bíi ti Bándì D, firísà tó ti gbóná lè má sinmi rárá títí iná á fi lọ. Nítorí náà, ó dára kí wọ́n ka gbogbo wákàtí tí iná fi wà.

Àpẹẹrẹ

Firísà wáàtì 150, wákàtí 8 lójúmọ́: yúnìtì 36 lóṣù. Gílóòbù LED márùn-ún, wáàtì 10 ìkọ̀ọ̀kan, wákàtí 6 lójúmọ́: yúnìtì 9. Àpapọ̀ jẹ́ 45. Ká ní náírà 65 ni yúnìtì kan, owó náà á jẹ́ ₦2,925. Pẹ̀lú VAT, ó di nǹkan bíi ₦3,144. Kí oníkálukú fi iye tó wà lórí rìsíìtì tirẹ̀ rọ́pò 65 yẹn, torí owó Bándì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀.

Tó bá jẹ́ gílóòbù pupa àtijọ́ oníwáàtì 60 ni márààrún, àwọn nìkan á jẹ yúnìtì 54. Iyẹn ju ti firísà lọ.

Bí wọ́n ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò

Kí wọ́n pa gbogbo nǹkan tó kù nílé, kí firísà nìkan máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n ka mítà, kí wọ́n sì tún un kà lẹ́yìn wákàtí 4. Firísà wáàtì 150 kò yẹ kó jẹ ju 0.6 lọ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, kí wọ́n pe ẹni tó ń tún firísà ṣe.

Tó bá jẹ́ pé kì í sinmi rárá bí iná tilẹ̀ wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kí wọ́n ki bébà sáàárín ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì pa á dé. Bébà tó bá yọ wẹ́rẹ́ fi hàn pé rọ́bà ilẹ̀kùn ti dẹ̀, òtútù sì ń jò jáde.