Ìdáhùn Ìbéèrè Ọ̀ràn: Ìwádìí Oògùn Tẹnofófíà ní Douala

Ìbéèrè ọ̀ràn ni irú ìbéèrè ìdánwò tí olùkọ́ ti máa ń kọ ìtàn kan síwájú akẹ́kọ̀ọ́, ojú ìwé kan tàbí méjì, tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò gbà fún ara wọn, tí yóò sì wá béèrè ohun tó yẹ kí ẹnì kan ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń lò ó, ẹ̀ka òfin àti ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò náà ń lò ó. Ìdáhùn tó bá dúró dáadáa máa ń ní apá mẹ́rin: àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, àwọn ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀, àwọn ìlànà tí a ó fi wọn àwọn ọ̀nà náà, àti àbá kan ṣoṣo pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè há orúkọ apá mẹ́rin wọ̀nyí sórí. Ibi tí máàkì ti ń bọ́ ni pé àkọsílẹ̀ mẹ́rin ló máa ń wà lórí ìwé, tí ọ̀kan kò sì bí èkejì.

Ọ̀ràn kan tó ṣẹlẹ̀ ní Douala, ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, dára fún fífi iṣẹ́ yìí hàn, nítorí pé àwọn ènìyàn rere wà ní ìhà méjèèjì rẹ̀.

Ní 2004, àjọ Family Health International láti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí oògùn tẹnofófíà. Wọ́n ti ń fi oògùn náà tọ́jú àwọn tó ní kòkòrò HIV tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó lè dáàbò bo ẹni tí kò tíì ní i. Àjọ Bill àti Melinda Gates ló sanwó, ilé-iṣẹ́ Gilead ló pèsè oògùn. Ìlú mẹ́ta ni wọ́n ti ṣe é: Tema ní Gánà, Douala, àti Ìbàdàn. Obìnrin 936 ló wọlé, 400 ní Tema, 400 ní Douala àti 136 ní Ìbàdàn. Gbogbo wọn jẹ́ obìnrin tí ewu kíkó àrùn náà súnmọ́, púpọ̀ nínú wọn sì ń fi ara ṣòwò. Àwọn kan ń lo tẹnofófíà mílígíráàmù 300 lójoojúmọ́, àwọn yòókù ń lo hóró tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní oògùn kankan nínú. Kò sí obìnrin tó mọ èyí tí òun ń gbé mì, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń fún un kò mọ̀.

Ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ìlànà ìwádìí ní Kamẹrúùnù ti fọwọ́ sí i. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ REDS tó wà ní Douala àti ẹgbẹ́ Act Up-Paris ní Faransé fi ẹ̀sùn kàn án. Wọ́n ní àwọn ìwé kan tí wọ́n fún àwọn obìnrin náà wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó jẹ́ pé Faransé ni púpọ̀ nínú wọn gbọ́. Wọ́n ní àwọn tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí ìdáàbòbò kò tó nǹkan. Wọ́n tún ní kò sí ìdánilójú ìtọ́jú fún ẹni tó bá kó àrùn náà nígbà tí ìwádìí ń lọ. Àwọn olùṣèwádìí sọ pé àwọn kò rú ìlànà. Ní oṣù Kìíní 2005, tẹlifíṣọ̀n Faransé gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Ní oṣù Kejì, ìjọba Kamẹrúùnù dá ìwádìí náà dúró. Jẹ́ kí ìbéèrè ìdánwò jẹ́ èyí: kí ló yẹ kí mínísítà ètò ìlera ṣe ní oṣù Kejì yẹn?

Apá kìíní ni àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Ìdáhùn tí kò lágbára yóò kọ “àwọn obìnrin náà, ìjọba, ilé-iṣẹ́ olóògùn, aráàlú”, yóò sì kọjá. Ọ̀rọ̀ náà “aráàlú” ló kọ́kọ́ tú àṣírí, nítorí ó kó ẹni tó ń tajà ní ọjà Nkololoun, tí kò gbọ́ nípa ìwádìí náà rí, pọ̀ mọ́ ẹni tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ohun tó lè pàdánù àti agbára tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá fi èyí wò ó, irinwó obìnrin Douala kò ní jẹ́ ẹgbẹ́ kan mọ́. Àwọn kan ń lo oògùn gidi, wọn yóò sì pàdánù rẹ̀ bí ìwádìí bá dúró. Àwọn kan ń gbé hóró òfo mì, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n rò pé nǹkan kan ń dáàbò bò wọ́n. Àwọn mìíràn yóò kó àrùn kí ìwádìí tó parí. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé wà: àwọn obìnrin tó wá fún àyẹ̀wò ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì bá HIV lára wọn níbẹ̀. Wọn kò lè wọ inú ìwádìí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ìròyìn náà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn tí oògùn náà lè ràn lọ́wọ́ lọ́la, tí wọn kò ní ohùn kankan nínú ọ̀ràn yìí.

Ibi tí àwọn olùṣèwádìí wà náà yẹ fún gbólóhùn kan. Bí kò bá sí ẹni tó kó àrùn, ìwádìí náà kò ní lè fi nǹkan kan hàn. Bẹ́ẹ̀ ojúṣe wọn ni láti fún gbogbo obìnrin ní kọ́ńdọ́ọ̀mù àti ìmọ̀ràn kí wọ́n má baà kó o. Ẹni tó bá kọ èyí sílẹ̀ ti rí ìdí tí ẹ̀sùn nípa ìmọ̀ràn tí kò tó fi wúwo, kò sì ní láti pe ẹnikẹ́ni ní ìkà.

Apá kejì ni àwọn ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀. Méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń rí, kí a tẹ̀síwájú tàbí kí a fòpin sí i, olùkọ́ sì mọ̀ pé ó ti kọ àbá rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó kéré tán, mẹ́rin ló wà nílẹ̀ fún mínísítà náà. Ó lè jẹ́ kí ìwádìí máa lọ, kí àtúnṣe máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó lè dá a dúró fún ìgbà tó ní òpin, pẹ̀lú àwọn ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ó lè fòpin sí oògùn, kó sì ní kí wọ́n máa bójú tó ìlera àwọn obìnrin náà. Ó sì lè ti ilẹ̀kùn pátápátá, bí Kàmbódíà ti ṣe sí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní 2004. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní iye tí yóò náni, kí a sì kọ orúkọ ẹni tí yóò san án.

Apá kẹta ni ìlànà, ibi tí ìdáhùn ti sábà máa ń di ìwàásù. Ìkéde Helsinki ti 1964 àti Ìròyìn Belmont ti 1979 wà fún ẹni tó ń dáhùn. Mẹ́ta ni ìlànà Belmont: kí a bọ̀wọ̀ fún ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lè pinnu fún ara rẹ̀, kí a ṣe rere kí a sì yẹra fún ìpalára, àti kí a pín ẹrù àti èrè lọ́nà tó tọ́. Títò wọn sílẹ̀ kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan. Iṣẹ́ ìlànà ni láti lé ọ̀nà kan kúrò tàbí láti fà á sókè. Bí ìwé tí obìnrin kan fọwọ́ sí bá wà ní èdè tí kò yé e, ìlànà kìíní lé ọ̀nà àkọ́kọ́ kúrò: kò sí bí a ó ṣe máa fún un ní hóró lónìí lórí ìfọwọ́sí tí kò tíì ní. Ìlànà kejì lé títì ilẹ̀kùn pátápátá kúrò, nítorí yóò tú àwọn obìnrin náà ká láìsí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti láìsí ìmọ̀ràn. Ìlànà kẹta gbé ọ̀rọ̀ ìtọ́jú wá. Ní 2005, owó ni aláìsàn ń san fún oògùn HIV ní Kamẹrúùnù. Ọdún 2007 ni ó di ọ̀fẹ́. Nítorí náà, kí a ní “a ó darí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn ìjọba” kò tó fún ẹni tó kó àrùn nínú ìwádìí tí àwọn orílẹ̀-èdè olówó yóò jèrè rẹ̀.

Ọ̀nà kejì àti ẹ̀kẹta ló kù. Ìlànà méjì sì kọlu ara wọn níbí: àǹfààní àwọn obìnrin ọjọ́ iwájú ń fẹ́ kí ìwádìí parí, ẹ̀tọ́ àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń fẹ́ kó dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ sọ èyí tó wúwo jù, kó sì sọ ìdí.

Àbá kan lè lọ báyìí: “Kí mínísítà dá fífún wọn ní hóró dúró fún ọgọ́ta ọjọ́, kí àyẹ̀wò àti ìmọ̀ràn má dúró. Láàárín àkókò náà, kí ẹni tí kì í gba owó lọ́wọ́ àwọn olùṣèwádìí tún bá obìnrin kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ ní èdè tó gbọ́, kó sì ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí hóró òfo jẹ́ kó tó fọwọ́ sí ìwé. Kí àwọn tó ń sanwó fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò tọ́jú ẹni tó bá kó àrùn. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá kùnà, kí a fòpin sí oògùn. Àwọn tó ń lo oògùn gidi ni yóò ru ẹrù ìdádúró yìí. Mo fara mọ́ ọn nítorí pé kò sí ẹni tó tíì mọ̀ bóyá oògùn náà ń dáàbò bò wọ́n.” Gbólóhùn méjì tó kẹ́yìn yẹn ló gba máàkì jù, nítorí wọ́n dárúkọ ẹni tí àbá náà yóò pa lára, wọ́n sì dáhùn àtakò tó le jù kí olùkọ́ tó béèrè.

Àṣìṣe kan wà tí ọgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀ràn máa ń fà. Ní 2012, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n máa lo oògùn alápapọ̀ kan tí tẹnofófíà wà nínú rẹ̀ láti dènà HIV. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi èyí sọ pé mínísítà ṣe àṣìṣe ti fi ohun tí kò sí lọ́wọ́ ọkùnrin náà ní 2005 dá a lẹ́jọ́. A lè mẹ́nu bà á, ṣùgbọ́n lẹ́yìn àbá ni àyè rẹ̀ wà, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ìdí àbá náà.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí gan-an fi ohun tí ìdádúró ń náni hàn. Wọn kò padà fún àwọn obìnrin Douala ní hóró mọ́. Ní oṣù Kẹta 2005, àjọ Family Health International fúnra rẹ̀ ti fòpin sí ìwádìí ti Ìbàdàn, nítorí pé iṣẹ́ ibẹ̀ kò dé òṣùwọ̀n tí ìwádìí náà béèrè. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2007, obìnrin mẹ́jọ péré ló ti kó HIV, méjì lára àwọn tó ń lo tẹnofófíà àti mẹ́fà lára àwọn tó ń lo hóró òfo. Ó jọ pé oògùn náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́jọ kéré jù láti fi gbé ìpinnu kalẹ̀. Ohun tí ìwádìí náà lè sọ ni pé kò ṣe ìpalára tó hàn fún àwọn tó lò ó. Ní ọdún 2007 kan náà, àjọ UNAIDS àti ẹgbẹ́ AVAC gbé ìlànà jáde lórí bí olùṣèwádìí yóò ṣe máa bá àwọn ará ibi tí ìwádìí ti ń wáyé jókòó sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá ń dáhùn irú ọ̀ràn yìí lónìí lè fi ìlànà náà kún apá kẹta. Ẹni tí ìbéèrè bá fi sí ipò mínísítà ní 2005 ní láti fi Helsinki àti Belmont ṣe tirẹ̀.