Ìtàn Lọ́ọ̀gù Ìpinnu: Bí Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣòwò Ìpín Ṣe Ń Kọ Ìdí Sílẹ̀

Ẹni tó bá ń wá ọdún tí ẹ̀rọ tó ń ṣòwò ìpín bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìpinnu rẹ̀ sílẹ̀ yóò bá ìdáhùn mẹ́ta pàdé. Àwọn kan á ní 1992 ni, ọdún tí èdè FIX dáyé. Àwọn kan á ní 1998, nígbà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin OATS. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Yúróòpù á ní 2018 ni. Mo kó ọ̀rọ̀ náà jọ síbí nítorí pé kì í ṣe ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Lọ́ọ̀gù ni ìwé tí ẹ̀rọ ń kọ nípa ara rẹ̀, ìlà kan fún ìṣẹ̀lẹ̀ kan, tí nǹkan kọ̀ọ̀kan sì ní àyè tirẹ̀ lórí ìlà náà kí ẹ̀rọ mìíràn lè wá a rí. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni lọ́ọ̀gù ọ́dà, ọ̀tọ̀ ni lọ́ọ̀gù ìpinnu. Ti àkọ́kọ́ ń sọ ohun tó jáde nílé lọ sọ́jà. Ti ìkejì ń sọ ohun tí ẹ̀rọ rí, ohun tó gbà gbọ́, àti ìdí tó fi ṣe ohun tó ṣe, tàbí tó fi jókòó jẹ́ẹ́.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, tíkẹ́ẹ̀tì ọ́dà ni àwọn alágbàtà ń kọ, tí wọ́n á sì fi aago lu òǹtẹ̀ lé e. Ní Èkó, ohùn ni wọ́n fi ń pe ọjà ìpín títí di 1999.

FIX bẹ̀rẹ̀ láàárín ilé iṣẹ́ méjì, Fidelity Investments àti Salomon Brothers, nítorí pé ó ti sú wọn láti máa fi tẹlifóònù sọ ọ́dà. Nọ́ńbà ni wọ́n fi dípò orúkọ nǹkan. Ọ́dà kan lè rí báyìí:

```
35=D|11=K0417|55=XYZ|54=1|38=500|40=2|44=20.15|60=20120801-13:30:00
```

Igi tó dúró láàárín wọn yẹn, àwa ni a fi síbẹ̀ kí ojú lè rí i. Àmì tí kì í hàn ló wà níbẹ̀ gan-an. 35=D ń sọ pé ọ́dà tuntun ni, 11 ni orúkọ tí ẹni tó fi ránṣẹ́ sọ ọ́, 54=1 ń sọ pé rírà ni, 38 ni iye ìpín, 44 ni owó tí kò gbọdọ̀ kọjá lórí ìpín kan, 60 sì ni àkókò. Ẹni tó bá ka ìlà yìí mọ ohun gbogbo nípa ọ́dà náà, àyàfi ìdí rẹ̀. Nítorí náà n kò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń pe 1992 ní ìbẹ̀rẹ̀ lọ́ọ̀gù ìpinnu. Ohun tí FIX fún wa ni orúkọ tí kì í sọnù: nọ́ńbà 11 yẹn ni ẹni tó bá ń ṣe ọ́dítì yóò dìmú títí tí yóò fi dé òpin ìrìn àjò ọ́dà náà.

OATS wá láti inú ẹ̀sùn. Ní 1994, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Christie àti Schultz, fi hàn pé àwọn oníṣòwò lórí Nasdaq ń yẹra fún àwọn iye owó kan, tí àlàfo láàárín rírà àti títà sì ń tipa bẹ́ẹ̀ fẹ̀ sí i. Àjọ SEC ti Amẹ́ríkà tọ pinpin ọ̀rọ̀ náà, ó sì pàṣẹ ní 1996 kí ẹgbẹ́ àwọn alágbàtà, NASD, kọ́ ìlànà tí a ó fi lè tọ ipasẹ̀ ọ́dà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fọwọ́ sí i ní 1998, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1999, wọ́n sì tì í pa ní 2021. Òun náà, ọ́dà ló ń kọ.

Ọjọ́ tí ìyàtọ̀ náà di owó ni 1 August 2012, nílé iṣẹ́ Knight Capital ní Amẹ́ríkà. Àkọsílẹ̀ ìdájọ́ tí SEC gbé jáde ní October 2013 sọ gbogbo rẹ̀ kúnnákúnná. Knight ní ètò kan tó ń jẹ́ SMARS, tó ń gba ọ́dà ńlá, tó sì ń gé e sí wẹ́wẹ́ lọ sọ́jà. Nínú rẹ̀ ni kóòdù àtijọ́ kan wà, Power Peg, tí wọn kò lò mọ́ láti 2003 ṣùgbọ́n tí wọn kò yọ kúrò. Nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó máa ń ka iye ìpín tó ti wọlé. Bí ó bá ti pé, á dúró. Ní 2005, wọ́n gbé iṣẹ́ kíkà náà lọ síbòmíràn nínú kóòdù, wọn kò sì dán Power Peg wò lẹ́yìn náà. Ó wá dà bí ẹni tó ń bu omi sínú ìkòkò láìwo ẹnu ìkòkò.

Ní July 2012, wọ́n kọ kóòdù tuntun fún ètò kan tí ọjà New York fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì lo àmì kan náà tó máa ń jí Power Peg tẹ́lẹ̀ láti jí i. Sáfà mẹ́jọ ni wọ́n ní. Òṣìṣẹ́ tó ń gbé kóòdù tuntun síbẹ̀ gbàgbé ọ̀kan, kò sì sí ẹnìkejì tó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Nígbà tí ọjà ṣí ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, sáfà kẹjọ rí àmì náà, ó sì jí Power Peg. Nínú bí ìṣẹ́jú 45, láti inú ọ́dà 212 péré, ó ra, ó tún tà, ìgbà tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin, lórí ìpín ilé iṣẹ́ 154. Àdánù tó bá wọn lé ní mílíọ̀nù 460 dọ́là.

Àríyànjiyàn wà lórí ohun tí èyí kọ́ àwọn tó ń kọ lọ́ọ̀gù, ó sì tọ́ kí a wò ó dáadáa. Àwọn kan ní lọ́ọ̀gù kò ṣẹ̀, èèyàn ló ṣẹ̀. Ẹ̀rí wọn lágbára. Láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí ọjà tó ṣí rárá, ètò kan nínú ilé iṣẹ́ náà ti ń fi ímeèlì ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ sí àwọn òṣìṣẹ́, ó dárúkọ SMARS, ó sì kọ `Power Peg disabled`. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n kí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ tó lù. Kò sẹ́ni tó kà á sí ohun tó yẹ kí a tẹ̀lé, nítorí pé wọn kò ṣe irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ bí ìkìlọ̀.

Èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà nínú ímeèlì yẹn, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ SEC kò sọ pé ó dárúkọ sáfà, ẹ̀dà kóòdù, tàbí ọ́dà kankan. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà: bí wọ́n ti ń wá àtúnṣe, wọ́n yọ kóòdù tuntun kúrò lórí sáfà méje tó dára, Power Peg sì jí lórí àwọn náà. Ẹni tó ní lọ́ọ̀gù ìpinnu níwájú kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́ọ̀gù ọ́dà wọn ń sọ òtítọ́ fún wọn pé ọ́dà ń jáde. Kò lè sọ ẹni tó ń pàṣẹ.

Irú ìlà tó lè sọ ọ́ kò gùn. Èyí ni àpẹẹrẹ tí mo ṣe fúnra mi:

```
{"seq":88213,"ts":"2024-03-11T13:30:00.004127Z","srv":"r8",
 "ver":"a41f9c","parent":"P212","want":500,"filled":500,
 "rule":"stop_when_filled","act":"none"}
```

`seq` ń tẹ̀ síwájú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà bí 88214 bá sọnù, a ó mọ̀ pé wọ́n ti yọ ìlà kan tàbí pé ẹ̀rọ kò rí i kọ. `ver` ni ẹ̀dà kóòdù tó ṣe ìpinnu náà. `want` ni iye tí wọ́n rán an, `filled` sì ni iye tí ẹ̀rọ gbà gbọ́ pé ó ti wọlé, kì í ṣe iye tó wọlé ní tòótọ́. Ká ní irú ìlà yìí wà lórí sáfà kẹjọ Knight, `ver` rẹ̀ ì bá yàtọ̀ sí ti méje yòókù. `filled` náà ì bá dúró sí òdo, nígbà tí ìdáhùn FIX láti ọjà ń sọ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìpín ti wọlé. Ibi tí ìgbàgbọ́ ẹ̀rọ àti ìròyìn ọjà ti pínyà yẹn gan-an ni ọ́dítọ̀ ń wá. Ẹ kíyè sí `act` pẹ̀lú. Ẹ̀rọ náà kò ṣe nǹkan kan, ó sì kọ ọ́. Nínú FIX, àìṣe kì í fi ipasẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn kan ní kò sídìí fún gbogbo èyí. Ní ọjà LMAX ní London, tí Martin Fowler kọ nípa rẹ̀ ní 2011, gbogbo ohun tó wọlé ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ ní ìtòtẹ̀léra. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n á tún da ohun kan náà sínú ètò náà, ìpinnu kan náà á sì jáde. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ó gba pé kí ètò náà má wo aago fúnra rẹ̀, kí ó má ṣẹ́ kèké, kí àkókò pàápàá wọlé bí ìròyìn, kí ẹ̀dà kóòdù ọjọ́ náà sì ṣì wà lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá mọ èwo ló wà lórí sáfà kẹjọ, èwo ni yóò tún dà? Àwọn méjèèjì ló yẹ kó wà.

Lórí ọ̀rọ̀ àkókò, mo ti rí lọ́ọ̀gù ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń kọ aago Èkó sílẹ̀ láìsọ pé ti Èkó ni, tí sáfà kejì rẹ̀ sì ń kọ ti London. Láti òpin March títí di òpin October, aago méjèèjì bára mu, kò sẹ́ni tó fura. Nígbà tí àwọn ará London yí aago wọn padà, ọ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò ní Èkó ní aago mẹ́wàá, ó sì ń dé London ní aago mẹ́sàn-án. Lẹ́tà `Z` tó wà ní òpin àkókò nínú àpẹẹrẹ òkè yẹn, tó ń tọ́ka sí UTC, ni ì bá gbà wọ́n.

Òfin MiFID II ti Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 3 January 2018, mú ọ̀rọ̀ aago le: aago àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ṣòwò ní ìyára gíga kò gbọdọ̀ fi ju ìdá 100 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ yàtọ̀ sí UTC. Ó tún ní kí ọ́dà máa gbé nọ́ńbà ètò tó pinnu rẹ̀ dání, kí wọ́n sì kọ ẹni tó yí kóòdù padà, ẹni tó fọwọ́ sí i, àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Òun ló sún mọ́ lọ́ọ̀gù ìpinnu jù nínú ọdún mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ dárúkọ.

Ní Amẹ́ríkà, SEC fọwọ́ sí òfin CAT, ibi ìkójọ ìròyìn ọ́dà kan ṣoṣo, ní 2012, lẹ́yìn tí àwọn àjọ lo nǹkan bí oṣù márùn-ún kí wọ́n tó lè ṣàlàyé ohun tó wó ọjà lulẹ̀ ní 6 May 2010. 2020 ni àwọn alágbàtà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìròyìn ránṣẹ́ síbẹ̀. Ní 2022, SEC yí òfin ìpamọ́ rẹ̀ padà, kí ilé iṣẹ́ lè tọ́jú ìwé lórí ohun tí a lè tún kọ, bí gbogbo àtúnkọ bá ti ń fi ipasẹ̀ sílẹ̀. Íńdíà náà pàṣẹ ní 2025 kí ọ́dà aládàáṣe máa gbé àmì ìdánimọ̀ dání. Nínú gbogbo wọn, títí kan CAT, kò sí àyè kankan fún ọ́dà tí ẹ̀rọ rò wò, tó sì pinnu láti má ṣe rán.