Ta Ni Yóò Ra Àpò Tó Kù? Ìṣirò Iye Owó Ìsàlẹ̀ Lórí Àgbàdo

Ní ọdún 1977, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá ìgbìmọ̀ ọjà irè oko méje sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì wà fún àgbàdo, ọkà bàbà àti àwọn oníhóró yòókù. Lára iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó máa ra ọkà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tí ìjọba ti kéde, kí owó ọjà má baà já wálẹ̀ kọjá ibẹ̀. Nígbà tó di 1986, wọ́n tú gbogbo wọn ká. Síbẹ̀, nígbàkígbà tí àgbàdo bá pọ̀ lọ́jà tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀, a tún máa ń gbọ́ ọ pé kí ìjọba fòfin de títà rẹ̀ ní ọ̀pọ̀. Èrò mi ni pé iye tí òfin kéde kọ́ ló ń pinnu bóyá àgbẹ̀ yóò jèrè. Ẹni tí yóò ra àgbàdo tí ọjà kò rà ló ń pinnu rẹ̀, ìṣirò tí a sábà ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń fo ibẹ̀ kọjá.

Ẹ jẹ́ ká mú ọjà àgbàdo kan, pẹ̀lú òǹkà tí mo ṣe fún àpèjúwe. W ni owó àpò kan ní ẹgbẹ̀rún náírà. R ni iye àpò tí àwọn olùrà fẹ́, T sì ni iye tí àwọn àgbẹ̀ fẹ́ tà, méjèèjì ní ẹgbẹ̀rún àpò. Ìlà ìbéèrè àti ìlà ìpèsè wa tọ́ gbọọrọ:

R = 120 − W
T = 2W − 60

Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni W = 60: àpò kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta àpò ló sì ń lọ. Àṣẹ́kù olùrà ni ìyàtọ̀ láàárín owó tí ó ṣe tán láti san àti owó tí ó san gan-an. Onígun mẹ́ta tó wà lábẹ́ ìlà ìbéèrè, lókè 60, ni a fi ń wọ̀n ọ́n: ½ × 60 × 60 = 1,800, ìyẹn mílíọ̀nù 1,800 náírà. Àṣẹ́kù àgbẹ̀ ni ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti yọ owó tí oko gbà. Ìlà ìpèsè bẹ̀rẹ̀ láti 30, nítorí náà ½ × 30 × 60 = 900.

Ìjọba wá kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta àpò kan ní ohun tó dín sí 70. (Bí ó bá kéde 50, kò ní sí ìyípadà kankan, torí pé ọjà ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ.) Ní 70, 50 ni àwọn olùrà fẹ́, àwọn àgbẹ̀ sì fẹ́ ta 80. Àṣẹ́kù olùrà di ½ × 50 × 50 = 1,250. Wọ́n ti pàdánù 550. Nínú rẹ̀, 500 bọ́ sọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó rí àpò 50 náà tà, torí 10 lé lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Ìyókù, 50, ni ti àwọn tí kò lè rà á mọ́: ìyá ológì tó dín ògì rẹ̀ kù, olóúnjẹ adìyẹ tó dín ohun tó ń lọ̀ kù. Kò bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ti àgbẹ̀, ìṣirò tí a mọ̀ jù máa ń dúró lórí àpò 50 yìí. Owó tí èyí tó kẹ́yìn nínú àpò 50 náà ná àgbẹ̀ jẹ́ 55. Àṣẹ́kù wọn yóò jẹ́ 15 × 50, èyí tí í ṣe 750, àti ½ × 25 × 50, èyí tí í ṣe 625. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,375, èrè wọn sì ti fi 475 lé sí i. Olùrà pàdánù 550, àgbẹ̀ jèrè 475, 75 sì ṣòfò. Ibí ni ọ̀pọ̀ máa ń fi kálàmù sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a gbà láìsọ kó tó lè rí bẹ́ẹ̀. A gbà pé àwọn tí oko wọn kò náni lówó púpọ̀ nìkan ló rí ọjà tà, àti pé àwọn yòókù ti mọ̀ ṣáájú, wọn kò sì gbìn rárá. Ta ló sọ fún wọn? Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ọkọ̀ tàbí tó mọ oníbàárà ló tà, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kò sì gbìn ju ohun tó máa rí tà lọ, àròpín owó tí àpò kan ná wọn yóò jẹ́ 50. Àṣẹ́kù wọn á di 20 × 50 = 1,000: èrè 100 péré ni wọ́n jẹ, 475 kọ́.

Èyí tó burú jù ló sì sún mọ́ òtítọ́ jù. Àgbẹ̀ gbọ́ ìkéde lórí rédíò kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ó gbẹ́kẹ̀ lé 70, ó gbìn. Gbogbo 80 wọlé. Owó tí wọ́n ná lórí rẹ̀ ni ½ × (30 + 70) × 80 = 4,000. Owó tí wọ́n pa ní 70 lórí àpò 50 jẹ́ 3,500. Kòkòrò àti jíjẹrà ló gba 30 tó kù. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ní 900 lọ́wọ́ kí òfin tó dé ti wá jẹ gbèsè 500. Òfin tí wọ́n ṣe nítorí wọn ti kó 1,400 lọ lára wọn.

Bí ìjọba bá ra 30 náà, ọ̀rọ̀ yí padà. Àṣẹ́kù àgbẹ̀ di ½ × 40 × 80 = 1,600, èrè 700. Àṣírí rẹ̀ wà nínú owó tí ìjọba yóò san: 70 × 30 = 2,100, láìka ilé ìpamọ́ àti oògùn kòkòrò. Láti fi 700 sí àpò àgbẹ̀, 2,100 kúrò lọ́wọ́ ìlú, 550 sì kúrò lọ́wọ́ olùrà. Bí wọ́n bá ta àgbàdo náà padà sí ọjà kan náà, owó yóò já wálẹ̀, ìjọba yóò sì tún ní láti rà á. Ohun tó dé bá bọ́tà àti wàrà ní Yúróòpù nìyẹn, tí wọ́n fi fi gbèdéke sí iye wàrà tí oko kọ̀ọ̀kan lè mú jáde ní 1984.

Bí ìjọba kò bá sì rà á, kí a má retí pé àgbẹ̀ yóò jókòó ti àpò rẹ̀. Yóò tà á lábẹ́lẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí iye owó dúró ní 70, kí wọ́n sì gbé orí lé àpò. Bí àpò kílò 100 bá gba nǹkan bí kílò 117, 70 tí olùrà san kò ju 60 fún kílò 100 lọ: ọjà ti padà síbi tó wà, kò sì sí ìwé kankan tó lè fi hàn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òfin náà ń ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ béèrè owó àpò nìkan. Kí ó gbé àpò náà sórí òṣùwọ̀n.

Wọ́n lè ní ìlà tó tọ́ gbọọrọ kò sí lọ́jà. Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tó tíì rí W = 120, nítorí náà n kò ní fi ọwọ́ sọ̀yà lórí 1,800. Ṣùgbọ́n àárín 60 àti 70 nìkan ni 550 ti wá, ibẹ̀ sì ni àwọn òǹtajà ń rí lójoojúmọ́. Ìlà tó tẹ̀ díẹ̀ kò lè yí i padà púpọ̀. Ohun tí mo bẹ̀rù ju ìlà títẹ̀ lọ ni àkókò. Olóúnjẹ adìyẹ tí kò rí nǹkan ṣe lọ́dún yìí yóò ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi gbágùúdá àti ọkà bàbà rọ́pò àgbàdo tó bá di ọdún tó ń bọ̀. Ká ní ìlà ìbéèrè wá di R = 180 − 2W: ní 60, kò tíì yí padà, ṣùgbọ́n ní 70, 40 ni wọn yóò rà. Àdánù àwọn olùrà yóò dín kù sí 500, ìjọba yóò sì ní àpò 40 láti rà dípò 30. Owó rẹ̀ yóò di 2,800, bẹ́ẹ̀ èrè àgbẹ̀ kò fi kọ́bọ̀ kan ju 700 lọ.