Títa ata àti bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n

Èròjà tó ń mú kí ata ta ni kapusaisíìnì. Bí a bá la ata rodo láti ọjà Ọ̀yẹ́-Èkìtì sí méjì, a ó rí ẹran funfun tí kóró rọ̀ mọ́ nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni èròjà náà ti pọ̀ jù. Kóró kàn ń rí i lára rẹ̀ ni. Ẹni tó gbọn kóró dànù tó sì fi ẹran funfun sílẹ̀, ọbẹ̀ rẹ̀ yóò ṣì ta.

Kapusaisíìnì kì í jó ẹnu. Iṣan ìmọ̀lára tó máa ń mọ ooru tó bá kọjá nǹkan bíi 43°C ló ń ta jí, ọpọlọ á sì gbà pé iná ni. Omi kò lè tú u, mílíìkì ló sàn.

Ní 1912, Wilbur Scoville, apòògùn kan ní Amẹ́ríkà, rẹ ata gbígbẹ sínú ọtí líle, ó sì ń fi omi ṣúgà là á títí àwọn tó ń tọ́ ọ wò kò fi mọ títa rẹ̀ mọ́. Bí a bá ní láti là ata kan ní ìlọ́po 100,000 kí títa rẹ̀ tó pòórá, 100,000 ni ìwọ̀n rẹ̀. Ata rodo máa ń wà láàárín 100,000 sí 350,000. Àléébù ọ̀nà yìí ni pé ahọ́n máa ń kú lẹ́yìn ìtọ́wò díẹ̀, ahọ́n ẹnìkan kò sì rí bíi ti ẹlòmíì. Lónìí, ẹ̀rọ ló ń ka iye kapusaisíìnì fúnra rẹ̀.