Láti Èsúsú dé Báǹkì Ẹ̀yáwó Kéékèèké: Ìtàn Owó Ẹgbẹ́ nínú Òwò Àwọn Obìnrin Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ ọ̀nà mẹ́ta wò tí àwọn obìnrin oníṣòwò Yorùbá ń gbà rí owó òwò: èsúsú, àjọ ojoojúmọ́, àti ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ tí báǹkì máíkírófáínáǹsì ń fún wọn. A tọ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì fi ìṣirò kan náà wọn èsúsú àti ẹ̀yáwó ẹgbẹ́. Ohun tí a rí ni pé báǹkì mú ìdúró-fún-ara-ẹni láti inú irú ètò tí èsúsú jẹ́, ṣùgbọ́n kò mú ọ̀nà tí èsúsú ń gbà pín èrè àti ìnira yí ká àwọn ọmọ ẹgbẹ́.

1. Ìfáàrà

Nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ lórí òwò àti ìdàgbàsókè, gbólóhùn kan wọ́pọ̀: pé àjọ tàbí èsúsú ni báǹkì àwọn baba ńlá wa, pé máíkírófáínáǹsì sì ni èsúsú tó lajú. Gbólóhùn náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó da nǹkan mẹ́ta pọ̀ tí kì í ṣe ọ̀kan náà. Obìnrin tó ń ta aṣọ mọ ìyàtọ̀ wọn dáadáa, nítorí inú àpò rẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà ti ń hàn. Àwa olùkọ́ àwọn olùkọ́ ló yẹ kí a mọ̀ ọ́n bíi tirẹ̀ kí a tó kọ́ ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Àwọn Haúsá ní adáṣì, àwọn Ìgbò ní ìsúsú. Àpẹẹrẹ Yorùbá ni a mú nítorí pé òun ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa jù.

2. Èsúsú yàtọ̀ sí àjọ

Nínú èsúsú, àwọn ènìyàn tí wọ́n mọ ara wọn yóò fẹnu kò sí iye kan. Ní ọjọ́ tí wọ́n dá, gbogbo wọn yóò mú owó wá, ẹnì kan yóò sì kó o lọ lẹ́sẹ̀ kan náà. Báyìí ni yóò ṣe máa yí títí gbogbo ọwọ́ yóò fi kó. Ẹni tí agbára rẹ̀ pọ̀ lè dá ọwọ́ méjì, àwọn méjì tí agbára wọn kéré sì lè pín ọwọ́ kan. Owó kì í sùn sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó kọ́kọ́ kó jẹ gbèsè gbogbo àwọn tó kù, ẹni tó kó kẹ́yìn sì ti yá gbogbo wọn lówó. Nítorí náà, ìfowópamọ́ àti ẹ̀yáwó ni èsúsú pa pọ̀.

Àjọ ojoojúmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Alájọ ni yóò máa yí ọjà po pẹ̀lú káàdì. Bí obìnrin kan bá ń dá ₦500 lójúmọ́ fún ọjọ́ 31, owó rẹ̀ jẹ́ ₦15,500. Ní ìparí oṣù, alájọ yóò yọ ti ọjọ́ kan, ìyẹn ₦500, gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, obìnrin náà yóò sì kó ₦15,000. Àwọn tó ń dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ kan náà lè má mọ ara wọn rárá. Kò sí ẹni tó jẹ ẹnì kejì ní gbèsè. Ọ̀dọ̀ alájọ ni gbogbo owó wà. Ìdí nìyí tí orúkọ rere fi ṣe pàtàkì nínú iṣẹ́ náà, tí àwọn ènìyàn fi ń sọ títí di òní pé orí ẹnì kan pé bí orí alájọ Ṣómólú.

Ẹnu lè ya àlejò pé obìnrin ń sanwó kí wọ́n tó bá a tọ́jú owó ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń rà ni pé kí owó náà jìnnà sí ilé, níbi tí ọkọ, ọmọ àti ẹbí ti ń béèrè, kí ó sì di odidi ní ìparí oṣù.

3. Èsúsú nínú ìtàn

Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ṣàpèjúwe èsúsú gẹ́gẹ́ bí àṣà tó kárí ilẹ̀ Yorùbá. Ó sọ nípa iye tí wọ́n dá, olórí tó ń darí, bí owó ṣe ń yí, ó sì ní òfin wà tó de ètò náà. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí ní Ifẹ̀ ní nǹkan bí 1937 sí 1938, kọ odidi àpilẹ̀kọ kan lé e lórí ní 1952. Nínú àwọn èsúsú ńlá, ẹgbẹ́ máa ń pín sí ọ̀nà ọ̀nà, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì ní olórí tirẹ̀. Olórí ọ̀nà ló mọ àwọn ènìyàn rẹ̀, òun ló sì ń dáhùn fún wọn.

Kí a tó lè mọ ohun tí èsúsú gbà là, ó yẹ kí a wo ohun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Johnson kan náà kọ nípa ìwọ̀fà. Ẹni tó nílò owó ńlá lẹ́ẹ̀kan, bóyá fún ìsìnkú tàbí fún ìtanràn, lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko tàbí nílé olówó ni èlé. Kò dín gbèsè kù rárá. Bí ìwọ̀fà bá sìn fún ọdún mẹ́wàá, iye tí wọ́n yá ni wọn yóò ṣì san kí ó tó gba òmìnira. Èsúsú mú owó ńlá wá láìsí èlé àti láìfi ènìyàn dógò. Ibẹ̀ ni iyì rẹ̀ wà.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú mú un dání kọjá òkun. Ní Trinidad, sùsù ni wọ́n ń pè é títí di òní.

4. Ìṣirò ọwọ́ mẹ́rìnlélógún

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Obìnrin 24 ń dá ₦5,000 lọ́sẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ kàn yóò kó ₦120,000, ètò náà yóò sì parí ní ọ̀sẹ̀ 24. Ẹni àkọ́kọ́ kó ₦120,000, ó sì san ₦120,000. Ẹni ìkẹyìn náà san iye kan náà, ó sì kó iye kan náà. Èlé kò sí lójú ìwé.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan ń san nǹkan. Bí ọjà bá ń gbówó lórí, ₦120,000 ẹni ìkẹyìn kò lè ra iye aṣọ tí ti ẹni àkọ́kọ́ rà. Ẹni ìkẹyìn ló ru ẹrù náà. Ohun tí ẹgbẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń ṣe ni pé wọn yóò yí ètò padà nígbà tí èsúsú bá tún bẹ̀rẹ̀: ẹni tó kó kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ kó. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń wọlé ìwé lè bẹ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti kàn pé kí wọ́n pààrọ̀. Èrè àti àdánù ń yí po láàrin àwọn kan náà.

5. Báǹkì wọ ọ̀rọ̀ náà

Ní Bangladesh, Muhammad Yunus bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yáwó kéékèèké ní abúlé Jobra ní 1976. Ní 1983 ó di Grameen Bank. Ènìyàn márùn-ún ní í dúró fún ara wọn, láìsí ilé tàbí ilẹ̀ tí wọn yóò fi dúró. Ní Nàìjíríà, ìjọba dá People's Bank sílẹ̀ ní 1989, àwọn báǹkì àdúgbò sì tẹ̀ lé e láti 1990. Ní oṣù Kejìlá 2005, Báǹkì Àpapọ̀ gbé ìlànà máíkírófáínáǹsì jáde, ó sì ní kí àwọn báǹkì àdúgbò yí padà kí 2007 tó parí, kí olówó-ìdásílẹ̀ wọn sì kúrò ní mílíọ̀nù 5 náírà di mílíọ̀nù 20.

Ẹ jẹ́ kí a fún obìnrin kan náà ní ₦120,000 láti inú ẹ̀yáwó ẹgbẹ́, fún oṣù mẹ́fà tí a kà sí ọ̀sẹ̀ 24, pẹ̀lú èlé ₦3 lórí ₦100 lóṣù. Èlé oṣù kan jẹ́ ₦3,600, ti oṣù mẹ́fà sì jẹ́ ₦21,600. Yóò máa san ₦5,900 lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ó ti dá ₦60,000 padà nínú ojú owó, síbẹ̀ orí ₦120,000 ni wọ́n ṣì ń ka èlé rẹ̀ lé. Bí a bá ka èlé náà lórí owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an, ó lé ní ₦5 lórí ₦100 lóṣù. Bí báǹkì bá tún ní kí ó fi ₦12,000 pamọ́ kí ó tó gba owó, ₦108,000 ni yóò mú lọ sí ọjà, èlé rẹ̀ sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A kò sọ èyí láti dá báǹkì lẹ́bi. Ó ní òṣìṣẹ́ láti san owó fún, ó sì ń ṣe ohun tí èsúsú kò lè ṣe: ó lè fún gbogbo àwọn 24 ní owó ní ọ̀sẹ̀ kan náà, nígbà tí ọdún ń bọ̀ tí ọjà sì fẹ́ yá. Owó inú èsúsú kò lè ju ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní lọ. Bákan náà, owó tí a fi pamọ́ sí báǹkì tó ní ìwé àṣẹ ní ìdáàbòbò. Láti 2024, àjọ NDIC lè san tó mílíọ̀nù 2 náírà fún oníbàárà báǹkì máíkírófáínáǹsì tó bá wó. Kò sí irú rẹ̀ fún owó tó wà lọ́wọ́ alájọ.

6. Ibi tí ó ti ń bàjẹ́, àti àmì rẹ̀

Èsúsú máa ń bàjẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ti kó. Àmì rẹ̀ máa ń hàn ṣáájú: ẹni tuntun tó fẹ́ dá ọwọ́ méjì, tó sì fẹ́ kí méjèèjì wà níwájú, ẹni tó ń yá owó kí ó tó lè dá tirẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ fi ń fi àlejò sẹ́yìn. Ti alájọ, àmì rẹ̀ ni pé owó ìparí oṣù kò jáde lọ́jọ́ tó yẹ, ìtàn sì ń pọ̀; ó ṣeé ṣe kí ó ti yá ẹlòmíràn ní owó oníbàárà.

Ti báǹkì, ọ̀dọ̀ báǹkì fúnra rẹ̀ náà ni ìbàjẹ́ lè ti wá. Ní 2010, Báǹkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ báǹkì máíkírófáínáǹsì 224. Ní ti àwọn obìnrin, wọ́n ti fi orúkọ tiwọn sọ ìnira irú ẹ̀yáwó yìí: gbọ́múlélántà. Bí ẹnì kan kò bá rí owó ọ̀sẹ̀ mú wá, àwọn tó kù ni yóò san án, ìpàdé kò sì ní tú títí owó yóò fi pé.

Èyí tó burú jù ni kí méjèèjì wọ inú ara wọn. Obìnrin náà ń kó èsúsú láti fi san owó báǹkì, kò sì sí ọjà tuntun tí ₦120,000 rẹ̀ rà. Lójú ìwé báǹkì, oníbàárà rere ni, nítorí kò tíì pẹ́ san rí. Ibi tí a ó ti mọ òótọ́ ni ìsọ̀ rẹ̀: bí ọjà orí igbá bá ń dín kù nígbà tí owó tó ń san kò dín kù, owó òwò ló ń san.

7. Ìgúnlẹ̀

Ohun tí a fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú lọ kò pọ̀. Kí ó tó kọ pé ètò kan ran àwọn obìnrin lọ́wọ́, kí ó béèrè nǹkan mẹ́ta: ọwọ́ ta ni owó náà wà, ta ni ó ń ru ìnáwó rẹ̀, kí ni ó sì ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò rí san? Èsúsú, àjọ àti báǹkì ní ìdáhùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ó wá lọ jókòó ní ìsọ̀ obìnrin kan, kí wọ́n ṣe ìṣirò náà pọ̀. Níbẹ̀ ni yóò ti rí i pé ẹni tó ń dá èsúsú tí kò lọ sí báǹkì lè ti ṣe ìṣirò tirẹ̀ tán kí àwa tó dé.